Hätte, Könnte, Sei: Bí Àwọn Ará Jámánì Ṣe Ń Tọrọ Nǹkan, Tí Wọ́n sì Ń Gba Ọ̀rọ̀ Ròyìn

Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn méjì. Ìwé ìròyìn kan ní Jámánì lè kọ ọ́ pé: "Der Minister ist krank." Ó sì lè kọ ọ́ pé: "Der Minister sei krank." Ọ̀rọ̀ mínísítà tí ara rẹ̀ kò yá ni méjèèjì ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ti àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn náà ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, bó bá sì já sí irọ́, òun ni yóò jíhìn. Nínú ìkejì, ẹnìkan ló sọ ọ́ fún un, bóyá agbẹnusọ mínísítà, bóyá ẹbí rẹ̀ kan, ìwé ìròyìn kàn gbà á ròyìn ni. Kò sí "wọ́n ní" nínú gbólóhùn kejì yẹn, kò sì sí "a gbọ́ pé". Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló yí padà láti "ist" sí "sei", ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ ti wá.

Ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tó yí padà báyìí ni wọ́n ń pè ní "Konjunktiv" lédè Jámánì. Oríṣi méjì ló wà. Èkíní ni wọ́n fi ń ṣe afọ̀ agbàràn, ìyẹn ni kí á máa ròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ. Èkejì ni wọ́n fi ń sọ ohun tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, irú ohun tí àwa fi "ì bá" sọ, òun náà ni wọ́n sì fi ń tọrọ nǹkan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ èdè yìí, yálà ní Goethe-Institut ní Èkó tàbí ní Jámánì gan-an, oríṣi kejì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, nítorí ẹni tí yóò ra búrẹ́dì lọ́la kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ kó tó dé, nígbà tí wọ́n bá ti ń ka ìwé ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé wọn kò bára tan. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá ń tọrọ nǹkan, ó ń fà sẹ́yìn kí ẹni tó ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lè rí àyè sọ pé rárá. Bó bá ń ròyìn, ó ń fà sẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ lè wà lọ́rùn ẹni tó ni ín.

Ìtọrọ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ní àárọ̀ kùtù ní ìlú Bẹ̀lín. Olùtajà bi í pé: "Was darf es sein?" Ó ń béèrè ohun tí wọ́n máa rà nìyẹn. Oníbàárà fèsì pé: "Ich hätte gern zwei Brötchen." Búrẹ́dì rogodo kékeré méjì ló ń béèrè. Bí a bá wo inú gbólóhùn yẹn dáadáa, ohun tó ń sọ ni pé inú òun ì bá dùn láti ní búrẹ́dì méjì. Kò sọ pé òun fẹ́ ẹ. Kò sì pàṣẹ pé kí wọ́n fún òun. Ó gbé búrẹ́dì náà sí ibi tí kò tíì sí, ó wá fi í sílẹ̀ fún olùtajà láti mú un wá. Ẹni tó bá sọ pé "Ich will zwei Brötchen" yóò rí búrẹ́dì rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n "will" jẹ́ mo fẹ́ tí kò gba àròyé, bí ọmọdé ṣe ń sọ ọ́ nígbà tó bá ń na ọwọ́ sí nǹkan. Àgbàlagbà tó bá sọ ọ́ níwájú olùtajà dà bí ẹni tí a kò kọ́.

Ibo ni "hätte" yìí ti wá? Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́ka sí ohun tó ti kọjá, kí ẹ fi àmì tó-tó méjì sórí fáwẹ́lì rẹ̀. "Hatte" ni "ní" ti àná, "hätte" ni ti ì bá. "Konnte" ni "lè" ti àná, "könnte" ni ti ì bá. "Durfte" di "dürfte", "wurde" di "würde", "war" náà di "wäre", tí òun tún gba "e" kan sí ìparí. Àwa tí àmì orí ọ̀rọ̀ ti mọ́ lára kò yẹ kó ṣòro fún láti gbà pé tó-tó méjì lè yí gbogbo ìtumọ̀ padà. "Ich hatte gern einen Hund" ń sọ pé mo ní ajá kan tẹ́lẹ̀ rí, inú mi sì dùn sí i. "Ich hätte gern einen Hund" ń sọ pé ó wù mí kí n ní ajá. "Konnten Sie mir helfen?" ń béèrè bóyá ẹ rí i ṣe láti ràn mí lọ́wọ́ nígbà tó kọjá. "Könnten Sie mir helfen?" ni ẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ nísinsìnyí.

Ibi pípè rẹ̀ ló sì ti ń bàjẹ́ jù, nítorí pé lórí fóònù kò sí ẹni tó ń rí tó-tó méjì. "Ä" tó wà nínú "hätte" rọrùn fún wa, ó sún mọ́ "ẹ" tiwa. "Ö" tó wà nínú "könnte" ló gba iṣẹ́. Kí ẹ mú ahọ́n sí ibi tí ẹ máa ń mú un sí fún "ẹ", kí ẹ wá ká ètè yín bí ẹni tó fẹ́ pe "ọ". Bí ètè kò bá ká, "kẹ́ntẹ" ló máa ń jáde, wọ́n sì máa ń gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ṣùgbọ́n bí ahọ́n bá fà sẹ́yìn, "konnte" ni wọ́n gbọ́, ẹ̀bẹ̀ sì ti di ìbéèrè nípa àná.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọn kò mọ̀ pé inú ìdílé yìí ló ti wá. Òun ni "möchte". "Mögen" ni orírun rẹ̀, ìyẹn ni kí nǹkan wu ènìyàn. "Möchte" ti wọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì débi pé wọ́n ń lò ó bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dá dúró, àmọ́ tó-tó méjì orí rẹ̀ ṣì ń jẹ́rìí síbi tó ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yòókù ńkọ́? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrísí ì bá tirẹ̀ nínú ìwé gírámà. "Schließen", kí á ti nǹkan, ní "schlösse". Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ojú irin kó sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "Schlössen Sie bitte das Fenster?" Ohun tí ènìyàn ń sọ ni "Würden Sie bitte das Fenster schließen?", ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi ti fèrèsé. "Würde" ló ń gbé ẹrù gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù, tí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ á sì dúró ní ìparí gbólóhùn láìyí padà. Àwọn tó ń dá dúró láìsí "würde" kò pọ̀: "hätte", "wäre", "könnte", "dürfte", "möchte" àti díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú "würde" ti ní gbogbo ohun tí yóò fi máa tọrọ nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà kan ní kíkún. Ìyá kan tó ń gbé Jámánì ní ìwé ìgbélùú tí ó máa tó parí. Ó ní láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì. Ó kọ ọ́ pé: "Ich möchte meine Aufenthaltserlaubnis verlängern. Könnten Sie mir bitte einen Termin geben? Ich wäre Ihnen dankbar, wenn Sie mir mitteilen könnten, welche Unterlagen ich mitbringen muss." Ó ń sọ pé òun fẹ́ sọ ìwé ìgbélùú òun dọ̀tun, ó ń tọrọ ọjọ́ tí òun lè wá, ó sì ní òun á dúpẹ́ bí wọ́n bá lè jẹ́ kí òun mọ àwọn ìwé tí òun gbọ́dọ̀ mú dání.

Ẹ wo ibi tí ó ti fà sẹ́yìn àti ibi tí kò ti fà. "Möchte", "könnten", "wäre" àti "könnten" ìkejì, gbogbo wọn wà níbi tó ti ń béèrè. Ṣùgbọ́n "muss" tó kẹ́yìn dúró bó ṣe wà. Àwọn ìwé náà wà lóòótọ́, dandan sì ni wọ́n, kò sí ìdí kankan láti sọ wọ́n di ì bá. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé "Konjunktiv" ni ọ̀wọ̀, wọ́n á fẹ́ wọ̀ ọ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹnìkan á dá ènìyàn dúró lójú títì, á sọ pé "Könnten Sie mir sagen, wo der Bahnhof wäre?" Ibùdókọ̀ ojú irin kò sí nínú ì bá, ó wà nílẹ̀ ṣinṣin. "Wo der Bahnhof ist" ló yẹ. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ni à ń rọ̀, a kì í rọ ohun tó wà.

Kí ló fà á tí ohun tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀ fi wá di ọ̀wọ̀? Ó jẹ́ pé bí-ó-bá-ṣe kan sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. "Könnten Sie mir helfen" ní ìdajì tí a kò sọ jáde: bí ẹ bá ráyè, bí kò bá ni yín lára. Àwa a máa sọ ìdajì yìí síta ní tiwa, a ó ní "tó bá ṣe é ṣe", a ó ní "bí kò bá ní jẹ́ ìnira fún yín". Èdè Jámánì fi í sínú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì gbé e tì "Sie", tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí "ẹ" ọ̀wọ̀ ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Ọ̀wọ̀ méjì ni wọ́n, ọ̀kan kò sì lè rọ́pò èkejì. Ènìyàn lè lo "Sie" kó sì pàṣẹ, "Geben Sie mir das!" Bẹ́ẹ̀ ni ó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní "du", kó sì tọrọ pẹ̀lú sùúrù, "Könntest du mir das geben?"

Ọ̀wọ̀ yìí ní ibi tó ń dé dúró. Nídìí oúnjẹ, "Gib mir bitte das Salz" láàárín ẹbí kò ní àfojúdi kankan nínú. Bí ènìyàn bá ṣubú lulẹ̀ ní ìgboro, a kì í sọ pé "Könnten Sie vielleicht einen Krankenwagen rufen?" Àṣẹ gidi la ń pa, "Rufen Sie einen Krankenwagen!", kí wọ́n lè pe ọkọ̀ aláìsàn kíákíá. Ohùn sì lè gbé ìtumọ̀ lọ síbòmíràn. "Könntest du vielleicht mal zuhören?", bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú líle, ìbáwí ni. Ó ń sọ pé o kò fetí sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo àmì ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀wọ̀ gan-an ti lọ.

Ní ti afọ̀ agbàràn, ìrísí rẹ̀ rọrùn ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè, ẹ yọ "en" ìparí rẹ̀ kúrò, ẹ fi "e" sí i. "Kommen" di "er komme", "haben" di "er habe", "können" di "er könne", "werden" di "er werde". "Sein" nìkan ló yàtọ̀, òun di "er sei" fún ẹnìkan àti "sie seien" fún ọ̀pọ̀. Ìṣòro kan ló wà. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìrísí yìí kì í yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́: "sie kommen" ni wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n bá ń sọ òtítọ́ ara wọn, "sie kommen" náà ni ì bá sì jẹ́ nínú afọ̀ agbàràn. Ẹni tó ń kà á kò ní mọ ẹnu tó ti jáde. Nítorí náà wọ́n yá ìrísí oríṣi kejì lò, wọ́n kọ "sie kämen" tàbí "sie würden kommen". Òfin náà kò ju ìyẹn lọ: níbi tí èkíní bá ti jọ ti ojoojúmọ́, èkejì á gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan dán an wò. Wọ́n jí nǹkan ní ilé ẹ̀gbẹ́ ilé obìnrin kan, ọlọ́pàá sì bi í léèrè. Obìnrin náà sọ pé: "Ich war zu Hause. Ich habe niemanden gesehen. Mein Mann kommt erst um zehn. Meine Kinder gehen um acht ins Bett. Wir haben kein Auto." Ó ní òun wà nílé, òun kò rí ẹnikẹ́ni, aago mẹ́wàá ni ọkọ òun tó ń dé, aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ òun ń lọ sùn, wọn kò sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ọlọ́pàá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: "Die Frau sagte, sie sei zu Hause gewesen. Sie habe niemanden gesehen. Ihr Mann komme erst um zehn. Ihre Kinder würden um acht ins Bett gehen. Sie hätten kein Auto."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni "sagte" wáyé, ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbólóhùn mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn láìsí "ó sọ pé", síbẹ̀ kò sí èyí tó bọ́ sẹ́nu ọlọ́pàá nínú wọn. "Habe", "komme", "würden" àti "hätten" ń rán òǹkàwé létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀. Ní èdè tiwa, "ó ní" la óò máa tún sọ: ó ní òun wà nílé, ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni, ó ní ọkọ òun kì í tètè dé. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan, gbólóhùn yẹn ti di tiwa nìyẹn.

"Komme" jẹ́ oríṣi èkíní gan-an, nítorí pé ó yàtọ̀ sí "kommt". "Haben" fún ọ̀pọ̀ ènìyàn kò yàtọ̀, òun ni wọ́n ṣe yá "hätten". "Gehen" náà kò yàtọ̀, oríṣi kejì rẹ̀ sì ni "gingen". Ṣùgbọ́n "gingen" tún jọ ti àná porogodo, òǹkàwé lè rò pé tẹ́lẹ̀ rí ni àwọn ọmọ náà ń sùn ní aago mẹ́jọ. Ọlọ́pàá wá sá lọ bá "würden gehen", kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló ń dá àwọn tó ti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láàmú jù, ìyẹn ni pé ó ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa láàmú. Ní ilé-ìwé, wọ́n kọ́ wa pé bí "sọ" bá ti di ti àná, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ní láti rìn padà sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan. A gbé òfin yẹn wọ inú èdè Jámánì, a wá ń kọ "Er sagte, er war krank." Èdè Jámánì kì í rìn padà. Ohun tó jẹ́ ti ìsinsìnyí lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ á dúró sí ìsinsìnyí nínú ìròyìn: "Er sagte, er sei krank." Ohun tó ti kọjá lẹ́nu rẹ̀ á gba "sei" tàbí "habe" pẹ̀lú ìrísí tó parí: "er sei krank gewesen". Ìdí nìyí tí "war" obìnrin yẹn fi di "sei gewesen". Oríṣi àná mẹ́ta tí èdè náà ní, ẹyọ kan péré ni wọ́n ń dà nínú afọ̀ agbàràn.

Ìbéèrè àti àṣẹ kò ní gba àkókò. Bí ọlọ́pàá bá bi í pé "Haben Sie einen Schlüssel?", ìròyìn rẹ̀ ni "Er fragte, ob sie einen Schlüssel habe." Bó bá pàṣẹ pé "Kommen Sie morgen!", "solle" ló ń gbé àṣẹ náà: "Sie solle morgen kommen."

Àṣìṣe kan wà tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí, nítorí pé àwọn ará Jámánì pàápàá ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí akọ̀ròyìn bá kọ "sei", ó ń fi hàn pé òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ pé "Galilei lehrte, die Erde bewege sich um die Sonne", mi ò sọ pé mò ń ṣiyèméjì bóyá ayé ń yí oòrùn ká. Mo kàn sọ pé Galilei ló fi kọ́ni, mo ń ròyìn rẹ̀. "Sei" kò gbè sẹ́yìn ẹni tó sọ ọ̀rọ̀, kò sì ta kò ó. Ẹni tó bá fẹ́ fi iyèméjì hàn yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn, bí "angeblich", tó ń sọ pé bí wọ́n ṣe wí ni, ó kù sọ́wọ́ wọn. Ohun tó mú kí ìrísí yìí níye lórí gan-an ni pé kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ilé ẹjọ́ ni ibi tí èyí ti hàn jù. Abala 313 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ láàárín ará ìlú ní Jámánì sọ pé ìdájọ́ gbọ́dọ̀ ní apá kan tí wọ́n ń pè ní "Tatbestand", níbi tí adájọ́ á ti kó àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wí jọ kí ó tó sọ èrò ara rẹ̀. Àṣà àwọn adájọ́ ni pé ohun tí ẹgbẹ́ méjèèjì gbà, ọ̀rọ̀-ìṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, "Konjunktiv" ni. Ẹ fojú inú wo ìjà onílé àti ayálégbé: "Der Kläger vermietete dem Beklagten eine Wohnung. Der Kläger behauptet, der Beklagte habe drei Monate keine Miete gezahlt. Der Beklagte behauptet, er habe die Miete bar gezahlt." Olùpẹ̀jọ́ fi ilé háyà fún olùjẹ́jọ́. Ìyẹn kò sí níjà, "vermietete" dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ ní oṣù mẹ́ta ni olùjẹ́jọ́ kò fi sanwó, olùjẹ́jọ́ ní òun fi owó lọ́wọ́ san án. "Habe" lọ́tùn-ún, "habe" lósì. Lọ́yà tó bá ka ìdájọ́ yìí kò ní í béèrè ohun tó dájú àti ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Bí adájọ́ bá ṣèèṣì kọ "hat" dípò "habe", yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti gbà pé kò sanwó, kí ó tó gbọ́ ẹlẹ́rìí kankan.

Ọ̀ràn kan wà nínú ìtàn Jámánì tó fi hàn bí ó ṣe lè rí nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá jáde lẹ́nu ènìyàn láìsí àmì tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 1988, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ìlú Bọ́nn ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún tí àwọn Násì kọ lu àwọn Júù, tí wọ́n sun sínágọ́gù wọn, tí wọ́n fọ́ ilé ìtajà wọn. Philipp Jenninger, ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ náà, ló sọ̀rọ̀. Ohun tó fẹ́ ṣe ni kó ṣàlàyé bí àwọn ará Jámánì ìgbà yẹn ṣe ń ronú, ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi tẹ̀lé Hitler. Ó wọ inú orí wọn lọ. Ó béèrè ìbéèrè bí àwọn ṣe ń béèrè rẹ̀ nígbà náà, títí kan àwọn tó ń dá àwọn Júù lẹ́bi, ọ̀rọ̀-ìṣe ojoojúmọ́ ló sì fi gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Àmì ìyapa tó wà níbẹ̀ kéré, ohùn tó sì fi kà á kò yí padà láti òpin ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn aṣòfin kan dìde, wọ́n jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Jenninger kì í ṣe ẹlẹ́mìí Násì, àwọn tó ka ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé lẹ́yìn náà rí ohun tó fẹ́ wí. Ignatz Bubis, tó wá di olórí ìgbìmọ̀ àwọn Júù ní Jámánì, sọ nígbà tó yá pé òun náà ti lo àwọn apá kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó bínú. Kò sí ẹni tó lè ṣi Bubis gbọ́, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ tirẹ̀. Gírámà nìkan kọ́ ló lé Jenninger kúrò, ohùn rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ ti fún un ní irinṣẹ́ tí ì bá fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́, oríṣi èkíní yìí kò wọ́pọ̀ mọ́ ní ibi púpọ̀. Ọmọ iléèwé á sọ fún ìyá rẹ̀ pé "Er hat gesagt, er ist krank", kò sì sí ẹni tó máa bá a wí. Ẹlòmíràn á sọ pé "er wäre krank", á fi oríṣi kejì rọ́pò èkíní. Ní Síwísálándì, oríṣi èkíní ṣì wà láàyè lẹ́nu àwọn tó ń sọ ẹ̀ka èdè ibẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ èdè náà kò nílò láti máa pe "sei" àti "habe" níbi àríyá. Ó nílò láti mọ̀ wọ́n nígbà tó bá rí wọn, àti láti lè kọ wọ́n bó bá ń kọ ìròyìn ibi iṣẹ́ tàbí ìdánwò.

Ó tún ní ibi tí kò yẹ kó wọ̀ rárá. Bí gbólóhùn bá ti ní "laut", ìyẹn ni gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan ṣe wí, ó ti sọ orísun ọ̀rọ̀, kò sì nílò "Konjunktiv" mọ́: "Laut Polizei war der Fahrer betrunken", gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ṣe wí, awakọ̀ ti mutí yó. "Laut Polizei sei der Fahrer betrunken gewesen" wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, àwọn olóòtú tó mọṣẹ́ sì máa ń gé e kúrò.

Ìròyìn kúkúrú kan rèé, irú èyí tó máa ń wà ní igun ìwé ìròyìn ìlú kékeré: "Am Montagabend brannte in der Gartenstraße ein Lager. Das Feuer sei gegen acht Uhr ausgebrochen, sagte ein Sprecher der Feuerwehr. Verletzt worden sei niemand. Die Ursache werde noch geprüft. Das Lager gehört einem Möbelhändler."

Ilé ìkẹ́rù kan jóná ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. "Brannte" ni akọ̀ròyìn kọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, bóyá ó tilẹ̀ rí èéfín rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni agbẹnusọ àwọn panápaná gba ọ̀rọ̀: iná náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, kò sí ẹni tó fara pa, wọ́n ṣì ń wádìí ohun tó fà á. "Sei", "sei", "werde", gbogbo rẹ̀ wà lọ́rùn agbẹnusọ. Ní gbólóhùn ìkẹyìn, akọ̀ròyìn padà sẹ́nu ara rẹ̀. Ó ní ilé ìkẹ́rù náà jẹ́ ti oníṣòwò àga àti ibùsùn kan. Ká ní "gehöre" ló kọ ni, panápaná ló sọ ọ́ fún un. "Gehört" ló kọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ já ìyẹn níyàn, ọ̀dọ̀ akọ̀ròyìn ni kó lọ.